Ẹ sọ tiyín: máàkì ìparí ọdún tí kò bá iṣẹ́ yín mu

Bísọ́lá_Ìkẹjà: Èmi ni mò ń gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà wa. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kọkànlá, mi ò gbà kéré sí iye tí wọ́n bù fún mi rí. Ní oṣù Kejìlá ọmọ mi wà ní ọsibítù, mo pa iṣẹ́ jẹ. Ọ̀gá fún mi ní 2 nínú 5, títí kan ìlà "ìmọ̀ iṣẹ́". Ṣé ìmọ̀ náà bá mi lọ sí ọsibítù ni?

Àkànní: Tiwa tún burú jù. Bọ̀dá kan wà níbẹ̀ tó ń sọ Òyìnbó geerege, táì rẹ̀ kì í wọ́. 5 ni wọ́n fún un lórí gbogbo nǹkan, títí kan àsìkò. Ìwé géètì sì wà níbẹ̀, aago mẹ́wàá ló ń wọlé!

Táíwò_T: Ẹnu ló ń jẹ.

Màmá Súpá: Àkànní, wọn ò fi ìwé géètì síwájú nígbà tí wọ́n ń kọ máàkì ni. Èmi kì í kọ fọ́ọ̀mù ẹnì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí máàkì àkọ́kọ́ ló máa ń fa ìyókù. Àsìkò nìkan ni mo máa kọ́kọ́ mú. Màá ṣí ìwé géètì, màá fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi ní máàkì lórí ìyẹn, kí n tó bọ́ sí ìlà kejì. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1920 ni Thorndike, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kan, ti rí i lára àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà: ọmọ ogun tí ìrísí rẹ̀ bá wù wọ́n, wọ́n á ní ó lọ́gbọ́n, ó sì lè darí èèyàn.

Bísọ́lá_Ìkẹjà: Tèmi ńkọ́, mà? Oṣù Kejìlá ló gbé gbogbo ọdún mì.

Màmá Súpá: Ìwé àkọsílẹ̀ ni. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ìlà méjì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ohun tó ṣe àti ọjọ́ tó ṣe é. Nígbà tí máàkì bá dé, oṣù Kìíní ni mo ti ń kà á bọ̀. Bí oṣù kan bá ṣófo lábẹ́ orúkọ ẹnìkan, èmi ni mi ò wò ó.

Ọmọ Ìjọba: Hẹn-ẹn. Ọ̀gá tó kórìíra mi á wá ní ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́! Ní ọ́fíìsì wa, ẹni bá súnmọ́ ọ̀gá ni fọ́ọ̀mù APER rẹ̀ ń dùn.

Màmá Súpá: Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi han ẹni náà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kó buwọ́ lù ú. Ẹni tó ń pa irọ́ mọ́ni ṣá, ìwé ò dá a dúró.

Káyọ̀dé_Sélìsì: Ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Iye tí kálukú tà ni kẹ́ ẹ wò, ó parí.

Àkànní: Ẹni tí wọ́n fún ní Victoria Island àti ẹni tí wọ́n jù sí Ìjẹ̀dè, ọjà kan náà ni?

Káyọ̀dé_Sélìsì: Kó lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ nígbà náà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé iṣẹ́ Bísọ́lá ń gba èèyàn?

Bísọ́lá_Ìkẹjà: 😂 Ẹ má gbìyànjú ẹ̀, mà. Gbogbo rìsíìtì mi wà lọ́wọ́ mi láti oṣù Kìíní. Mò ń kó wọn lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé.

Táíwò_T: Fótókọ́pì ni kó o kó lọ o.