Sáìtì mẹ́ta kọ̀ láti ṣí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì: Ẹ káàárọ̀ o. Láti ọjọ́ Ajé ni sáìtì mẹ́ta tí àwọn oníbàárà ń wá fi kún fọ́ọ̀mù kò ti ṣí mọ́. Wásáàpù ń lọ geere. Mo ti ra dátà tuntun, mo tún da epo sí jẹnẹrétọ̀. Gbogbo wọn ti sọdá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní ìkọjá títì, ẹni tí kì í kí mi. Kí ni mo ṣe?

Àlàní Iléṣà: Dátà yín ti tán ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jẹ gígì mẹ́wàá mi lóṣù tó kọjá, mi ò rí ẹni bi.

Ìyá Ìbejì: Dátà wà! Ẹ ka ohun tí mo kọ.

Sùnmọ̀ọ́nù: Ẹ fi 8.8.8.8 sí DNS ráútà, gbogbo nǹkan á máa sáré bí ọkọ̀ òfuurufú.

Bọ̀dá Wáyà: Kò ní mú fíìmù yára wọlé o. DNS kàn ń bá yín wá nọ́ńbà tí orúkọ sáìtì ń jẹ́ ni. Bí ẹni tí ẹ ń bi bá dákẹ́ tàbí tó parọ́, sáìtì ò ní ṣí, bó ti wù kí dátà pọ̀ tó. Ìyá Ìbejì, ṣé ó ń ṣí lórí dátà fóònù yín, láìlo wáífáì?

Ìyá Ìbejì: Méjì ń ṣí.

Bọ̀dá Wáyà: Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ṣe èyí lórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ fi orúkọ ọ̀kan nínú méjì yẹn rọ́pò example.com. Ìlà àkọ́kọ́ ń bi DNS ráútà yín, èkejì ń bi DNS mìíràn, 1.1.1.1:

```
nslookup example.com
nslookup example.com 1.1.1.1
```

Ìyá Ìbejì: Àkọ́kọ́ mú 0.0.0.0 wá. Èkejì mú nọ́ńbà gidi wá.

Bọ̀dá Wáyà: 0.0.0.0 kẹ̀? Ẹnìkan ló ti ilẹ̀kùn yẹn. Ta ló fọwọ́ kan ráútà yín?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni. Àwọn ọmọkùnrin kan ń fi wáífáì mi wo ìwòkuwò, ó ní òun ti fi 1.1.1.3 sí i. Ṣé ìyẹn náà burú ni?

Màmá Sábó: Ẹ ò sì sọ ọ́ láti àárọ̀!

Bọ̀dá Wáyà: Kò burú. 1.1.1.3 ń dí ìwòkuwò àti sáìtì olè, ṣùgbọ́n ó lè ṣèèṣì mú aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ wọ ráútà, ẹ fi 1.1.1.1 àti 1.0.0.1 sí ibi DNS. Lẹ́yìn náà ẹ pa wáífáì láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tún un tàn, torí ó ṣì lè máa lo ti àtijọ́.

Sùnmọ̀ọ́nù: Ẹ fi 1.1.1.3 ṣíwájú, kí 8.8.8.8 tẹ̀ lé e.

Bọ̀dá Wáyà: Rárá o. Kò sí ohun tó ní èkejì gbọ́dọ̀ dúró de àkọ́kọ́. Ìwòkuwò á máa gba ibẹ̀ wọlé nígbà tó bá wù ú.

Màmá Sábó: 9.9.9.9 ni mo ń lò nílé, ó ń dènà àwọn olè.

Bọ̀dá Wáyà: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í dí ìwòkuwò.

Ìyá Ìbejì: Mo ti yí i padà. Méjì ti ṣí! Ẹ̀kẹta ṣì kọ̀.

Bọ̀dá Wáyà: Ṣebí ìyẹn náà ò ṣí lórí fóònù? Bí ìlà méjèèjì bá mú nọ́ńbà gidi kan náà wá, ó jọ pé sáìtì ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló dùbúlẹ̀. Ẹ dúró dìrọ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ìwòkuwò wá ńkọ́?

Màmá Sábó: Ẹ yí páswọọ̀dù wáífáì padà, ìyá.