“Òwò ẹbí” kò gba gbogbo ohun tí ọ́dítọ̀ ń wá

Olùtumọ̀: Ẹ̀yin àgbà, mò ń túmọ̀ ìwé kan fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọ́dítọ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá bá ẹni tó sún mọ́ onílé-iṣẹ́ ṣe, tí wọn kò sì sọ síta, mo pè é ní “òwò ẹbí tí a fi pamọ́”. Ṣé ó tọ́?

Olùkọ́ èdè: Ó tọ́ lójú tèmi. Ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ẹbí náà ni gbogbo wọn. “Òwò” sì dára, torí ibi tí owó ò bá ti kọjá, kí ni ọ́dítọ̀ fẹ́ rí níbẹ̀?

Ọ́dítọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ibi tí owó ò ti kọjá gan-an ni mo ti rí i. IAS 24, ìyẹn ìlànà ìṣirò owó àgbáyé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ní yálà wọ́n gbowó tàbí wọn ò gbowó, ó di sísọ síta. Mo yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ kan wò nígbà kan, ọkùnrin kan ló dá a ní, òun náà ló ń dá a darí. Ó sọ fún mi pé kò sí ẹni tó sún mọ́ òun tí ilé-iṣẹ́ náà ń bá ṣe nǹkan. Ọjà kún ilé ìkẹ́rùsí, ṣùgbọ́n nínú oṣù 12 n kò rí owó ilé kankan, ilé náà kò sì sí lára ohun ìní wọn. Mo béèrè ìwé ilẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ìyàwó ọkùnrin yìí ló ni ín. Mo padà sí lẹ́tà tí báńkì kọ sí mi tààrà, mo wá rí i pé ilé-iṣẹ́ tí mò ń yẹ̀ wò ti ṣe onídùúró fún gbèsè ilé-iṣẹ́ ìyàwó. Kò tíì sí owó tó jáde, nítorí náà ìwé ìṣirò kò lè sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ò bá rí gbèsè san, ilé-iṣẹ́ ọkọ ni báńkì máa dì mú.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka “ẹbí” á kàn máa wá orúkọ ìdílé tó jọra. Ilé-iṣẹ́ ìyàwó yẹn kò jẹ́ orúkọ ìdílé wọn rárá.

Oníṣòwò: Àbúrò mi ló ń kó ọjà wá fún ilé-iṣẹ́ mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá ni?

Ọ́dítọ̀: Rárá o. Rírà lọ́wọ́ ẹni ẹni kò burú. Fífi pamọ́ ló burú. IAS 24 dárúkọ ọkọ tàbí aya, ọmọ, àti ẹni tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, kò dárúkọ àbúrò. Bóyá ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú yín lè darí ẹnì kejì nínú òwò náà ni a máa wò. Bí ẹ bá sì kọ ọ́ pé iye tí ẹ fi rà á kò yàtọ̀ sí tọjà ìta, ọ́dítọ̀ yín máa béèrè ẹ̀rí.

Olùtumọ̀: “Ìbátan ilé-iṣẹ́” ńkọ́? Ènìyàn lè bá ilé-iṣẹ́ tan, ilé-iṣẹ́ méjì náà lè bá ara wọn tan.

Olùkọ́ èdè: Mo ṣìṣe lórí “òwò”, mo gbà. Ṣùgbọ́n “ìbátan” ṣì ń fa ọkàn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹ ò ṣe lo “àjọṣe”?

Ọ́dítọ̀: Àjọṣe ni okùn tó so wọ́n. Ohun tó gba orí okùn náà kọjá ni mò ń wá, ìyẹn ilé tí wọn ò sanwó rẹ̀ àti ìdúró tí wọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí “ìbátan ilé-iṣẹ́” dúró ná. Ọ̀rọ̀ tó máa rọ́pò “òwò” ni n kò tíì rí.