Àfikún pẹ́ńṣọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ń fún wa: èló lẹ ń fi sílẹ̀ lóṣooṣù?

Adéọlá, Ring Road

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilé-iṣẹ́ wa ní Olúyọ̀lé ń san ìdá 10 nínú 100 tí òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san, àwa náà ń san ìdá 8 tiwa. Ìyẹn ò yí padà. Àmọ́ wọ́n ti wá gbé ètò mìíràn lé e báyìí: ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ san owó kún ìdá 8 yẹn, ilé-iṣẹ́ á fi 50 kọ́bọ̀ lé náírà kọ̀ọ̀kan tó bá san, títí dé ìdá 6 owó oṣù rẹ̀.

Wọ́n pín fọ́ọ̀mù. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà á kọ 2, àwọn tó tẹ̀ lé e wo tirẹ̀, wọ́n kọ 2. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, torí pé owó ni wọ́n ń jù nù, wọn ò sì mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gbà kí n lo ìwé owó oṣù tirẹ̀ fi ṣírò, òun náà ló ní kí n gbé e wá síbí.

Gbogbo ohun tó ń gbà lóṣù jẹ́ ₦320,000, ṣùgbọ́n wọn kì í ti orí 320,000 bẹ̀rẹ̀. Owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń kó pọ̀, ìyẹn sì jẹ́ ₦200,000 lọ́dọ̀ tirẹ̀. Owó oúnjẹ àti owó iná ò sí nínú rẹ̀. Nínú 200,000 yẹn, òun san 16,000, ilé-iṣẹ́ san 20,000, bí òfin ṣe wí.

Ó wá ku àfikún. Ìdá 2 tó kọ jẹ́ ₦4,000, ilé-iṣẹ́ sì fi ₦2,000 lé e. Ká ní 6 ló kọ ni, òun ì bá san ₦12,000, ilé-iṣẹ́ ì bá sì fi ₦6,000 lé e. Nítorí náà, ₦4,000 ló ń fi sílẹ̀ lóṣooṣù, ₦48,000 lọ́dún. Kò sẹ́ni tó máa kó o fún un lẹ́yìn náà. Oṣù tó bá ti kọjá ti kọjá.

Ẹ̀yin tó nírú ètò báyìí níbi iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni tiyín ṣe rí?

Ṣọlá, Apátá

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ti dín owó ọ̀rẹ́ yín kù. Tí wọ́n bá ní "títí dé ìdá 6", ó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ lè san tó ìdá 6, ìyẹn ₦12,000. Ìwé tí wọ́n fún wa níbi tiwa náà dárúkọ ìdá 6. Èmi ti pinnu láti san ìdá 12, kí wọ́n lè san ìdajì rẹ̀. Ìdá 6 pé nìyẹn.

Adéọlá, Ring Road

Àbúrò, níbi tiwa o, ìdá 6 yẹn ni òpin owó tiwa tí wọ́n máa wò. Ẹnìkan wà ní ẹ̀ka tiwa tó ń san ìdá 10. Mo rí ìwé rẹ̀: ìdá 3 péré ni ilé-iṣẹ́ fi lé e, bí ẹni tó san 6.

Bàbá Kẹ́hìndé, Bódìjà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Iṣẹ́ ìṣírò owó oṣù ni mo ṣe jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí oríṣi ìwé méjèèjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fi òpin sí owó òṣìṣẹ́, bíi ti Adéọlá: tí o bá san ju 6 lọ, wọn ò ní wo èyí tó lé. Àwọn mìíràn ń fi òpin sí owó tí àwọn fúnra wọn máa san. Lọ́dọ̀ irú àwọn wọ̀nyẹn, òótọ́ ni Ṣọlá sọ, ẹni tó bá fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ san 12. Nítorí náà, Ṣọlá, lọ ka ìwé tirẹ dáadáa kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ gan-an nìyí, torí ó ti já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ lójú mi. Ọkùnrin kan wà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní agbègbè Dùgbẹ̀. Ó ní owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ò jẹ́ kóun lè san nǹkan kan lóṣooṣù, pé tó bá di Disẹ́ńbà tí bọ́nọ́ọ̀sì bá dé, òun á san ti ọdún náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èèyàn á gbọ́ ọ, á ní ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ jẹ́ ká fi owó ọ̀rẹ́ Adéọlá wò ó. ₦12,000 lóṣù fún oṣù 12 jẹ́ ₦144,000. Ẹni tó san án lóṣooṣù á gba ₦72,000 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ẹni tó dúró di Disẹ́ńbà tó kó 144,000 sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ á wo owó oṣù Disẹ́ńbà nìkan, wọ́n á ní ìdá 6 rẹ̀ jẹ́ 12,000, wọ́n á sì san ₦6,000. Owó kan náà ló ti àpò àwọn méjèèjì jáde, ṣùgbọ́n ₦66,000 ti lọ.

Bọ́nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò sì sí lára owó iṣẹ́, owó ilé àti owó ọkọ̀, nítorí náà kò gbé òpin yẹn sókè rárá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń jókòó ṣírò ti ọdún pọ̀ lópin ọdún, tí wọ́n á sì san èyí tó kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí nínú ìwé pé wọ́n ń ṣe é, ẹ gbà pé wọn kì í ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Àgbọwọ́

Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Owó ọ̀fẹ́ tèmi ńkọ́? Ilé-ìwé àdáni ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú owó mi lóṣooṣù, ó wà nínú ìwé owó oṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ gba àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi, ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti wọlé kẹ́yìn. Ti ilé-ìwé ò wọlé, tèmi tí wọ́n yọ náà ò wọlé. Ṣé tí mo bá fi kún un ni wọ́n á tó san án?

Bàbá Kẹ́hìndé, Bódìjà

Rárá o, Ìyá Ìbejì. Ẹ má ṣe fi kọ́bọ̀ kan kún un níbẹ̀ báyìí. Èyí tí Adéọlá ń sọ jẹ́ owó tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ san tí òṣìṣẹ́ ò gbà. Tiyín jẹ́ owó iṣẹ́ yín tí wọ́n dì mú. Òfin ní láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti san owó oṣù, kí owó náà ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Tó bá pẹ́, ìtanràn wà lórí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 owó náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ká ní ₦90,000 ni owó iṣẹ́, ilé àti ọkọ̀ yín. ₦7,200 tiyín àti ₦9,000 tiwọn jẹ́ ₦16,200, ìtanràn oṣù kan lórí rẹ̀ jẹ́ ₦324 ó kéré tán, ó sì yẹ kó wọ inú àkáǹtì yín. Ẹ kó ìwé owó oṣù yín àti àkọsílẹ̀ yẹn pọ̀, kí ẹ kọ̀wé sí PenCom. Ìwé méjèèjì ni ẹ̀rí yín.

Múfù, Ìwó Road

Ẹ má bínú, èmi ò rí owó ọ̀fẹ́ kankan níbẹ̀. Owó tí mi ò lè fọwọ́ kàn, tí ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo ń dá owó sí. Tí onílé bá kanlẹ̀kùn, mo lè yá a.

Adéọlá, Ring Road

Múfù, ọ̀rọ̀ onílé yẹn, o jàre. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó yáwó tàbí kó fi ebi pa ọmọ kó lè san ìdá 6. Ṣùgbọ́n wo owó náà fúnra rẹ̀. O fi ₦12,000 sílẹ̀ lónìí, ó di ₦18,000 kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣòwò. Ọ̀wọ́n ọjà á jẹ nínú 18,000 yẹn, á sì jẹ nínú 12,000 tó wà ní àjẹṣẹ́kù náà. Kí àjẹṣẹ́kù tó bá a dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ọ ní ₦6,000 lórí 12,000. Èwo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn?

Bàbá Kẹ́hìndé, Bódìjà

PenCom gbà kí èèyàn fa apá kan owó tó fínnúfíndọ̀ san jáde kó tó fẹ̀yìn tì, Múfù. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, kì í sì í ṣe ìgbàkígbà. Béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú tìrẹ.

Múfù, Ìwó Road

Màá béèrè, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi ṣì wà ní àjẹṣẹ́kù o.

Gbénga, Mọ́níyà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Manchester, tiwọn jọra díẹ̀. Níbẹ̀, tí wọ́n bá gbà ọ́ síṣẹ́, wọ́n á kọ orúkọ rẹ sí i fúnra wọn, ìwọ lo máa sọ pé o ò ṣe. Ó ní òun ò ṣe, torí pé a ń kọ́ ilé níbí, ó fẹ́ kówó náà máa wá sílé. Ìdá 3 ni agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san ó kéré tán, ṣùgbọ́n wọn kì í ka £6,240 àkọ́kọ́, wọn kì í sì í ka èyí tó bá ju £50,270 lọ. Owó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ £24,240. Tí wọ́n bá yọ 6,240 kúrò, ó ku £18,000, ìdá 3 rẹ̀ sì jẹ́ £540. Iye tó ń fi sílẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Kò mọ̀ títí tí wọ́n tún fi orúkọ rẹ̀ sí i padà, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní bí ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ó ti wà nínú rẹ̀ báyìí. Ilé ṣì wà ní líńtẹ́ẹ̀lì, àmọ́ a ò bá a jà.

Ṣọlá, Apátá

Bàbá, mo ti ka ìwé tiwa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ yóò fi ìdajì kún owó tí òṣìṣẹ́ bá san, kò sì ní ju ìdá 6 lọ. Èwo ni kò ní ju ìdá 6 lọ nínú méjèèjì?

Bàbá Kẹ́hìndé, Bódìjà

Mi ò lè dá ọ lóhùn, Ṣọlá, ìwé yẹn lè lọ síbí, ó lè lọ sọ́hùn-ún. Má béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ wọn, iye owó ni kó o béèrè. Ká ní ₦150,000 ni owó iṣẹ́, ilé àti ọkọ̀ rẹ. Kọ̀wé sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pé: tí mo bá san ₦9,000, èló lẹ máa fi lé e? Tí mo bá san ₦18,000 ńkọ́? Tí wọ́n bá dáhùn pé ₦4,500 nígbà méjèèjì, ìdá 6 ni kó o san, kó o gbé èyí tó kù lọ síbi tó wù ọ́. Tí wọ́n bá ní ₦4,500 àti ₦9,000, a jẹ́ pé 12 tó o sọ yẹn ló tọ̀nà. Jẹ́ kí ìdáhùn wọn wà lórí ìwé.

Ṣọlá, Apátá

Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ yìí, Bàbá. Ẹni tó ń bójú tó o wà ní ìsinmi títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, fọ́ọ̀mù sì gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù tó parí. Màá kọ 6 sí i ná, torí pé èyíkéyìí tí wọ́n bá dáhùn, kò sí kọ́bọ̀ tèmi kan tí wọn ò ní fi nǹkan lé níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní 12 ni, màá yí i padà lóṣù tó ń bọ̀.