Báwo ni kí a ṣe pín ìnáwó ilé kí a tó ṣe ìgbéyàwó?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti fẹnu kò lórí ẹ̀sìn àti iye ọmọ tí a fẹ́ bí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kò tíì yanjú. Owó tó ń wọlé fún un jẹ́ ìlọ́po méjì tèmi, ó sì kọ́kọ́ dábàá pé kí a máa dá owó ilé ní ọgbọọgba. Nígbà tí a jókòó ti ìwé, a rí i pé bí tèmi bá jẹ́ 100, tí tirẹ̀ jẹ́ 200, tí ìnáwó oṣù sì jẹ́ 150, tí kálukú wa wá dá 75, ohun tó máa ṣẹ́ kù fún mi jẹ́ 25, tirẹ̀ á sì jẹ́ 125. Ó wo ìwé náà títí, ó sì gbà pé kí n máa dá 50, kí òun máa dá 100. Inú mi dùn sí i gidigidi.

Ibi tí a dé dúró nìyí: bí mo bá bímọ, tí n kò sì rí owó gbà fún oṣù mélòó kan, kò sí ohun tí n ó fi dá 50 náà, bẹ́ẹ̀ èmi ni n ó máa tọ́jú ọmọ tọ̀sán-tòru. Ó ní kí a máa fi owó pamọ́ láti ìsinsìnyí. Èmi rò pé ìtọ́jú ọmọ gan-an ni ìdá tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, èwo nínú méjèèjì ni kí a fi ṣe àdéhùn? Ẹ ṣeun púpọ̀ fún ìmọ̀ràn yín.