Eré ìparí ọdún: ọmọ 16, ìṣẹ́jú 25

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ 16 ló wà ní kíláàsì Yorùbá wa, ọmọ ọdún 5 sí 11. Ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n fún wa. Mẹ́rin nínú wọn kì í la ẹnu níwájú èrò rárá. Báwo la ṣe máa pín eré yìí tí kò fi ní jẹ́ àwọn aláyà líle nìkan la máa gbọ́?

Bàbá Àbíkẹ́yìn: Ẹ ní kí àwọn onítìjú máa fa aṣọ ìkélé, kí wọ́n máa gbé àga. Ó parí.

Àǹtí Olùkọ́: Bàbá, iṣẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ òbí tó wá wo ọmọ ẹ̀ ò ní rí i. Ojú agbo ni kó wà, kó sì ní nǹkan lọ́wọ́, torí ọwọ́ tó dilẹ̀ ló ń jẹ́ kójú túbọ̀ ti ọmọ.

Ìyá Ìbejì, ẹ má pè wọ́n jáde níkọ̀ọ̀kan. Bí ìwọlé àti ìjáde ọmọ kan bá gba ìṣẹ́jú kan, 16 ti lọ nínú 25 yẹn. Àlọ́ kan ṣoṣo tó lórin ni kẹ́ ẹ mú, kí gbogbo wọn wà níwájú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ mẹ́ta á pín ìtàn náà sọ, mẹ́ta á ṣe ẹranko, méjì á mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, méjì á mú agogo, mẹ́fà tó kù á máa gbè é. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni ti àwọn mẹ́rin yẹn. Ìgbàkigbà tí orin bá kàn, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan lu agogo lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí orin tó wọlé. Kò sọ nǹkan kan, síbẹ̀ òun ni gbogbo wọn ń wò. Bí apàlọ́ bá sì ké “Ààlọ́ o!”, gbogbo wọn ló máa dáhùn “Ààlọ̀!”, onítìjú náà á sì dáhùn láàárín èrò.

Ọmọ Àdìsá: Gbọ̀ngàn tó gba èèyàn mélòó lẹ fẹ́ háyà?

Ìyá Ìbejì: A ti rí gbọ̀ngàn, bọ̀dá mi. Ipa àwọn ọmọ là ń pín.

Ẹ̀gbọ́n Onílù: Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì yẹn ti tó. Ó máa ń bo ohùn ọmọ mọ́lẹ̀ nínú yàrá kékeré, nítorí náà ìgbà orin nìkan ni kí wọ́n mì ín. Ẹ má lo orin inú fóònù: bí ọmọ bá gbàgbé, kò ní dúró dè é. Àgbà tó bá máa dá orin, kó gbé ohùn sókè díẹ̀. Ohùn tó rọ àwa lọ́rùn ti rẹlẹ̀ jù fún wọn; tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n ń kùn dípò kí wọ́n kọrin, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ èkejì lẹ́nu ńkọ́?

Àǹtí Olùkọ́: Ẹ tò wọ́n jìnnà síra wọn, kí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ wà lára apàlọ́. Kí apàlọ́ kọ̀ọ̀kan má sọ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ọmọ kan lára elégbè sì mọ ọ̀rọ̀ apàlọ́ náà sórí, torí ikọ́ lè mú ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bàbá Àbíkẹ́yìn: Ṣé wọn ò kúkú lè kà á látinú ìwé?

Àǹtí Olùkọ́: Ìwé máa ń bo ojú wọn, ohùn á wá wọlẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n Onílù: Èmi fara mọ́ ọn fún ọmọ tó ń gbọ̀n. Ìwé tó le, tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, kó mú un sí ìsàlẹ̀ àyà.