Dífídẹ́ńdì wọlé, owó ń jo: ṣé kí n ta ṣíà yìí ni?

Àdùkẹ́ Onísùúrù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi débi pé mi ò rí oorun sùn mọ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo fi mílíọ̀nù kan ra ṣíà ilé iṣẹ́ kan, 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé wọ́n ń san dífídẹ́ńdì, ìyẹn owó tí ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà, 14 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Wọ́n san án lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, 7 péré ni, lẹ́tà tí wọ́n sì kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ṣíà ọ̀hún ti di 68 báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan kó tiẹ̀ sí fọ́ǹdù tó ń ra ṣíà káàkiri ọjà, tí kì í pín dífídẹ́ńdì fún ẹnikẹ́ni, ṣe ni wọ́n fi ń ra ṣíà kún un. Mílíọ̀nù kan tiẹ̀ ti di 1,190,000. Ó fi hàn mí lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín! Ṣé kí n tà á ni?

Bàbá Ìbejì: Má tà á o! Ẹni tó ń ta ṣíà rẹ̀ jẹ, irúgbìn ló ń jẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gba dífídẹ́ńdì, mi ò ta ẹyọ kan rí.

Aṣírò: Bàbá, ẹ má bínú, apá kan ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Àpò ilé iṣẹ́ náà ni dífídẹ́ńdì ti ń jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ṣíà kò ní rí dífídẹ́ńdì yẹn gbà mọ́, owó ṣíà sábà máa ń já tó iye tí wọ́n fẹ́ san. Ṣíà 100 á di bíi 86. Ẹ ò ta nǹkan kan, àmọ́ irúgbìn ti dín. Àdùkẹ́, èlò ni ilé iṣẹ́ náà ń jèrè lórí ṣíà kan?

Tíṣà Àgbà: Ẹ pè wọ́n lẹ́jọ́! Ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ni bánkì fẹ́ san fún èmi náà, wọn ò sì lè dín in kù kí ọdún tó pé.

Aṣírò: Tíṣà, ẹ̀yin yá bánkì lówó. Ṣíà ni tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a ṣàdéhùn dífídẹ́ńdì kankan.

Àdùkẹ́ Onísùúrù: 9 ni èrè wọn lórí ṣíà kan. Mo rí i nínú ìwé ìṣirò wọn kí n tó rà á. Mo rò pé wọ́n ní owó nípamọ́.

Aṣírò: Ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́. Ẹni tó jèrè 9 tó sì san 14, ó yá 5 tàbí ó fà á yọ nínú ohun tó ti kó jọ. Ilé iṣẹ́ ńlá náà ń ṣe é: General Electric ti Amẹ́ríkà ń san sẹ́ǹtì 24 lórí ṣíà kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó gé e sí 12 ní ìparí 2017, nígbà tó di 2018 wọ́n gé e sí sẹ́ǹtì kan.

Kọ́lá Kékeré: Àǹtí, ẹ tà á jàre. Ẹ kó o sí fọ́ǹdù bíi ti ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ má wo ojú rẹ̀ fún ogún ọdún.

Àdùkẹ́ Onísùúrù: Ogún ọdún kẹ̀? Owó ìyá mi ni. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Ibẹ̀ ni 8,000 tí wọ́n ń ná lóṣù ti ń wá.

Bàbá Ìbejì: Haa! O ò sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀! Gbogbo owó ìyá, nínú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo?

Àdùkẹ́ Onísùúrù: Bàbá, ẹ má bú mi. Dífídẹ́ńdì kan náà lẹ̀yin náà ń yìn.

Aṣírò: Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìwọ tàbí Kọ́lá tó ń gba owó oṣù, fọ́ǹdù yẹn ló bá yín mu, torí ẹ ò ní fẹ́ ná an. Màmá lè lo fọ́ǹdù kan náà, kí wọ́n máa ta díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ewu wà níbẹ̀: bí ọjà bá ṣubú lọ́dún àkọ́kọ́, ṣíà púpọ̀ ni wọ́n máa tà kí 8,000 tó pé, èyí tí wọ́n sì ti tà kò ní bá ọjà gòkè padà. Ìdí nìyẹn tí owó ìnáwó bí ọdún méjì fi yẹ kó wà ní bánkì lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n 680,000 ló kù. 96,000 ni wọ́n ń ná lọ́dún, ìyẹn ju ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tí Bengen, agbaninímọ̀ràn owó kan, ṣírò iye tí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lè máa ná ní 1994 pẹ̀lú ọjà Amẹ́ríkà, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́, tí wọ́n á máa fi ọ̀wọ́n ọjà kún lẹ́yìn náà, ló rí i pé ó lè tó ọgbọ̀n ọdún. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tiyín kò ju bíi 2,270 lóṣù. Ẹ gba dífídẹ́ńdì o, ẹ ta ṣíà o, owó yẹn kò lè gbé 8,000. Àní nígbà tó ṣì pé mílíọ̀nù kan, kò lè gbé e pẹ́.

Bàbá Ìbejì: Síbẹ̀, dífídẹ́ńdì tó ń wọlé déédéé kì í jẹ́ kí àgbàlagbà máa gbọ̀n bí ọjà bá ṣubú. Ìyẹn náà níye lórí.

Aṣírò: Ó níye lórí, mi ò jiyàn. Àmọ́ ní ilé iṣẹ́ púpọ̀, tó ń jèrè ju ohun tó ń san lọ. Irú wọn kì í san 14. Àdùkẹ́, ta ló tún ń fún Màmá lówó?

Àdùkẹ́ Onísùúrù: Àwọn àbúrò mi méjì ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, pé 14 yẹn á tó.