Wúrà gíráàmù 5 báyìí, àbí kí n dúró ra 20 lẹ́ẹ̀kan?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àkúrẹ́ ni mo wà, mo sì fẹ́ fi owó àjọ mi ra wúrà pamọ́. Oníwúrà kan nítòsí Ọjà Ọba ń ta gíráàmù kan ní ₦200,000, àmọ́ tí mo bá gbé e padà wá lọ́jọ́ yẹn gan-an, ₦160,000 ló máa san. Gíráàmù 5 á gba mílíọ̀nù kan lọ́wọ́ mi, ₦800,000 ni màá sì rí tí mo bá tà á.

Àwọn kan ní tí wúrà bá ti fi ìdá 20 nínú 100 wọ́n sí i, mo ti rí ojú owó mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú mi. ₦160,000 ló gbọ́dọ̀ gòkè di ₦200,000, ìdá 25 sì nìyẹn. Kó tó débẹ̀, mi ò tíì jèrè kọ́bọ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀gbà ọrùn ni mo rà, owó iṣẹ́ ọwọ́ orí rẹ̀ kò ní padà wá.

Gíráàmù 20 lódindi, ₦198,000 ló ń ta gíráàmù kọ̀ọ̀kan, á sì rà á padà ní ₦180,000. Ìdá 10 péré ló kù kí ojú owó tó pé. Ṣùgbọ́n owó náà á pẹ́ kó tó jọ, wúrà sì lè ti wọ́n kọjá agbára mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tà rí l'Ákùúrẹ́ tàbí l'Óǹdó, èwo lẹ máa yàn? Tí ọjà bá sì ń gòkè, ṣé iye ìràpadà máa ń bá a gòkè, àbí wọ́n á fà á sẹ́yìn?